Ẹ ṣọ́ra fún onílé tó ń jẹ owó kọ́ṣọ̀n l'Ìkòròdú

Ẹ̀yin ará, inú mi ṣì ń ru bí mo ṣe ń kọ èyí. Onílé kan lọ́nà Ìgbógbó gbé owó kọ́ṣọ̀n mi mì, ₦100,000, ó tún ní kí n máa dúpẹ́ pé òun ò bèèrè àlékún!

Nígbà tí mo wọlé, mo san ₦450,000 owó ilé ọdún kan, mo sì san ₦100,000 kọ́ṣọ̀n lé e. Owó ilé di ti onílé, torí mo gbé ilé rẹ̀. Kọ́ṣọ̀n kì í ṣe tirẹ̀. Ó kàn bá mi tọ́jú rẹ̀ ni, bóyá mo lè ba nǹkan jẹ́ tàbí kí n jẹ gbèsè sílẹ̀. Àmọ́ rísíìtì kan ṣoṣo ni ajẹ́ǹtì kọ: "₦550,000, owó ilé." Ẹ má bú mi o. Ta ni ò ní gbọ́kàn lé bàbá àgbà tó ń pe èèyàn ní "ọmọ mi"? Ọjọ́ tí mo kó jáde, rísíìtì yẹn ni bàbá nà sí mi lójú: "Ibo ni wọ́n kọ kọ́ṣọ̀n sí níbí?"

Mo fi ẹ̀rí báǹkì hàn án, níbi tí mo ti kọ "kọ́ṣọ̀n" sí owó tí mo fi ránṣẹ́. Ó bá yí ohùn padà, ó ń ṣírò: ọ̀dà ₦65,000, nẹ́ẹ̀tì fèrèsé ₦23,000, kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ₦12,000. Ó pé ₦100,000 géérégé! Ẹ ò rí i bí?

Ọ̀dà tó ṣá lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ṣé èmi ni mo pọ́n ọn lá ni? Ohun tó gbó torí pé èèyàn ń gbé inú ilé, ẹrù onílé ni. Ká ní mo fi èéfín ààrò ba ògiri jẹ́, ibẹ̀ nìkan ni ì bá gbowó rẹ̀, kì í ṣe gbogbo ilé. Nẹ́ẹ̀tì ti ya kí n tó dé, bàbá fúnra rẹ̀ ló ní òun á tún un ṣe! Bí èmi gan-an bá tilẹ̀ ya á, iye nẹ́ẹ̀tì àlòkù ló yẹ kó yọ, kì í ṣe ti tuntun. Kọ́kọ́rọ́ yẹn, mo gbà, ọmọ mi ló ṣẹ́ ẹ sínú ilẹ̀kùn. ₦88,000 ló yẹ kó dá padà. Kọ́bọ̀ kan ò wọ ọwọ́ mi.

Òfin ilé gbígbé ti ìpínlẹ̀ Èkó ọdún 2011, abala 10, sọ pé rísíìtì ọ̀tọ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ fún wa fún kọ́ṣọ̀n, kí onílé sì kọ bó ṣe ná an sílẹ̀ fún wa, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́fà. Ìkòròdú wà lábẹ́ òfin náà.

Kíá kíá: ẹ gba rísíìtì méjì. Ẹ ya fọ́tò gbogbo yàrá àti mítà iná lọ́jọ́ tí ẹ wọlé, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí onílé lórí Wasáàpù lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ tí ẹ bá ń jáde, ẹ jọ rìn yí ilé ká, kẹ́ ẹ tó fún un ní kọ́kọ́rọ́. Ohun tó bá ní òun yọ owó rẹ̀, kó fi rísíìtì oníṣẹ́ hàn. Bó bá ṣagídí, ilé ìlàjà ìjọba Èkó wà, wọn kì í gbowó.

Èmi ń lọ síbẹ̀. Onílé, ajẹ́ǹtì, mi ò gba ẹnikẹ́ni nínú wọn gbọ́ mọ́. Àní èyí tí mò ń bá sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ l'Ágríìkì náà, bí mo ṣe dárúkọ rísíìtì méjì ló fajú ro.