Bí mo ṣe fi Snapseed yọ ojú màmá mi nínú òkùnkùn

Pálọ̀ màmá mi n'Íbàdàn ni àwa méjèèjì ti ya sẹ́lífì náà. Fèrèsé ńlá wà lẹ́yìn wa, oòrùn ọ̀sán sì kún inú rẹ̀. Nígbà tí mo máa wo fọ́tò, fèrèsé ti funfun báláú, àwa sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Màmá ní kí n pa á rẹ́. Mi ò gbà, nítorí wọn kì í sábà rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ níwájú kámẹ́rà.

Áàpù Snapseed ti Google, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ni mo fi tún un ṣe. Mo kọ́kọ́ ṣìṣe: mo wọ Tune Image, mo fa Brightness sókè. Ojú là díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ fèrèsé wá jẹ etí gèlè màmá. Mo dá a padà. Mo fi ìka fà sókè-sódò títí mo fi kan Shadows, mo wá fà á sápá ọ̀tún dé +45. Ibi tó dúdú ni èyí ń gbé sókè ní tirẹ̀. Mo fa Highlights, tó wà fún ibi tó mọ́lẹ̀ jù, sápá òsì dé −40, mo ní bóyá igi máńgòrò ìta á yọjú. Kò yọ. Fèrèsé kàn di àwọ̀ eérú ni. Ibi tí kámẹ́rà bá ti gbà ní funfun pátápátá, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́ tí èèyàn lè fà jáde. Inú ibi dúdú ni nǹkan ṣì máa ń sá pamọ́ sí. Mo dá Highlights padà sí 0.

Irinṣẹ́ tó ń jẹ́ Selective gan-an ló ṣiṣẹ́. Mo tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ màmá, àmì kékeré kan jókòó síbẹ̀. Tí ẹ bá fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́ tàbí fún un, ibi tí iṣẹ́ náà máa kàn á pọ́n lójú yín. Àwọ̀ tó jọ ibi tí ẹ tẹ̀ ló ń wá, ìdí nìyẹn tí kò fi bẹ́ẹ̀ kan ògiri. Mo fún un ní Brightness +35 àti Saturation +12. Ẹ má fojú kéré Saturation tó ń mú àwọ̀ jinlẹ̀ yẹn o: tí ẹ bá kàn da ìmọ́lẹ̀ sórí awọ dúdú lásán, ṣe ló máa ń hàn bí ara tí kò rí ìpara lásìkò ọyẹ́. Mo tẹ iwájú orí tèmi náà, +25 ti tó, nítorí mo pupa ju màmá lọ.

Síbẹ̀, tí ẹ bá fẹ abẹ́ àgbọ̀n wa tóbi, ó rí ṣákaṣàka bí iyanrìn. Mo fi Details sí i pé kó mú un dán, àṣé iyanrìn yẹn gan-an ló máa hàn sí i! Mo yọ ọ́. Èyí tó burú jù ni ẹ̀dà tí mo ti fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi lórí Wásáàpù: nígbà tí mo fi iye kan náà tún un ṣe, ojú wa fọ́ sí igun mẹ́rin-mẹ́rin. Fọ́tò tó wà nínú fóònù tó yà á ni kí ẹ tún ṣe.

Níkẹyìn, mo fi Crop gé ìdajì fèrèsé dànù. Mo gbé e fún màmá. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní gèlè àwọn kò tíì hàn tó.