Ìkìlọ̀ fún ẹni tó fẹ́ ra kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀: ṣéènì tuntun lórí jíà tó ti jẹ

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ rà, ẹ ṣọ́ra fún èyí tí gbogbo ara rẹ̀ ti gbó àmọ́ tí ṣéènì rẹ̀ ń dán yanran. Mo ra irú rẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́wọ́ oníṣòwò kan tí n kò ní dárúkọ rẹ̀ níbí.

Jíà méje ló wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ náà. Nígbà tí oníṣòwò yìí gbé e kọ́ tó sì fi ọwọ́ yí pẹ́dà, gbogbo jíà ń wọlé geerege láìpariwo. Àfi ìgbà tí mo ń gun òkè Mọ́kọ́lá tí ṣéènì fò lójijì, tí ẹsẹ̀ mi já wálẹ̀ bí ẹni tó tẹ òfìfo, tí mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi àyà gbá ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Mo gbé e padà lọ bá a, ó ní apá jíà ni kò dúró dáadáa, ìyẹn apá onírin tó máa ń ti ṣéènì láti orí jíà kan bọ́ sórí òmíràn. Ó yí sukúrúù rẹ̀, ó fa wáyà rẹ̀ le, ó sì gba ₦2,000. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo san owó yẹn, ṣéènì kò sì yé fò.

Atúnkẹ̀kẹ́ṣe mìíràn ló wá là mí lójú. Ó ní kí n sọ jíà tí ṣéènì ti ń fò gan-an, mo sì rí i pé orí eléyín 16 àti eléyín 18 nìkan ni. Orí eléyín 28, tó tóbi jù, kò fò rí. Bó bá jẹ́ pé apá jíà ló ṣáko, a ó máa gbọ́ ariwo ṣéènì tó ń ha jíà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tàbí kí ó máa fẹ́ bọ́ sórí jíà mìíràn, kódà nígbà tí a gbé kẹ̀kẹ́ kọ́. Tèmi kì í kúrò lórí jíà tó wà. Ńṣe ló ń fo eyín kan kọjá nígbà tí mo bá fi agbára tẹ̀ ẹ́.

Ohun tó fà á nìyí. Àárín píìnì kan sí èkejì lára ṣéènì tuntun jẹ́ ìdajì ínǹsì. Bí a ti ń gùn ún, oríkèé kọ̀ọ̀kan ń jẹ díẹ̀díẹ̀ nínú, ṣéènì á sì máa gùn sí i (àwọn èèyàn ní ó nà, àmọ́ irin rẹ̀ kò nà rárá). Eyín jíà náà á máa jẹ tẹ̀lé e, àlàfo àárín wọn á fẹ̀, orí wọn á tẹ̀ bí ìkọ́. Ṣéènì gbígbó àti jíà gbígbó lè bá ara wọn rìn pẹ́ láìfò, nítorí wọ́n ti jọ jẹ. Ọjọ́ tí a bá fi ṣéènì tuntun sórí irú eyín bẹ́ẹ̀ ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀: kò lè jókòó wọ ìdí eyín, bí a bá sì tẹ pẹ́dà kíkankíkan, á gun ẹ̀yìn eyín náà, á sì fò ó. Fífi ọwọ́ yí pẹ́dà kò lè fi èyí hàn, nítorí kò sí ẹrù lórí rẹ̀.

Rúlà pàápàá kò lè gbà yín lọ́wọ́ ẹ̀tàn yìí, nítorí pé ṣéènì tuntun á wọ̀n pé. Ṣéènì àtijọ́ ni kí ẹ bèèrè. Mo rí tèmi láàárín àwókù irin lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù oníṣòwò náà. A fi òdo rúlà sí àárín píìnì kan, a ka píìnì 24 síwájú; lára ṣéènì tuntun, ìyẹn á bọ́ sórí ínǹsì 12 gẹ́lẹ́. Bó bá fi ìdá kan nínú ìdá 16 ínǹsì kan kọjá, ó tó pààrọ̀. Bó bá tó ìdá kan nínú ìdá 8 ínǹsì kan, a jẹ́ pé jíà ẹ̀yìn náà ti bá a lọ. Tèmi kọjá ìdá kan nínú 8.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ gun kẹ̀kẹ́ náà díẹ̀díẹ̀ lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kí ẹ jókòó dáadáa, ẹ má ṣe nàró lórí pẹ́dà. Ẹ fa bíréèkì ẹ̀yìn díẹ̀ kí ẹ sì máa fi agbára wa pẹ́dà, ẹ ṣe é lórí jíà kọ̀ọ̀kan, pàápàá àwọn kéékèèké àti ti àárín tí ẹni àkọ́kọ́ ti lè lò jù. Bó bá fò lórí gbogbo jíà, ní iye ìyípo kan náà, ó lè jẹ́ oríkèé ṣéènì kan ló gan, àtúnṣe ìyẹn kò sì ṣòro.

N kò sọ pé gbogbo ẹni tó bá fi ṣéènì tuntun sí kẹ̀kẹ́ ló ń tanni jẹ. Àwọn mìíràn kò mọ̀. Àmọ́ ẹni tó rí i pé ṣéènì ń fò lórí jíà méjì péré, tó sì ń gbowó wáyà léraléra, mọ ohun tó ń ṣe. Jíà ẹ̀yìn tuntun odindi ni mo rà níkẹyìn, fífò náà sì dáwọ́ dúró lọ́jọ́ yẹn gan-an láìfọwọ́ kan apá jíà. Ọkùnrin náà kò dá kọ́bọ̀ padà.