Rectangle lórí TradingView: àpótí ni mo fi ń sàmì sí ìdènà àti àtìlẹ́yìn

Irinṣẹ́ méjì ni mo ti lò lórí TradingView láti sàmì síbi tí iye owó ti máa ń kọsẹ̀: Horizontal Line tó ń fa ìlà kan ṣoṣo, àti Rectangle tó ń ya àpótí. Ẹ̀yìn Rectangle ni mo wà. Ẹ jẹ́ ká fi ṣáàtì wúrà (XAUUSD) wo ìdí rẹ̀.

Ẹ ṣí ṣáàtì ojoojúmọ́. Ní oṣù Kẹjọ 2020, wúrà gun dé nǹkan bíi 2,075 dọ́là, ó sì já wálẹ̀. Ní oṣù Kẹta 2022, ó padà láti nǹkan bíi 2,070. Ní oṣù Karùn-ún 2023, ó tó bíi 2,080 kó tó tún rẹ̀ ẹ́. Èwo wá ni ìdènà gan-an? Ẹni tó bá ń fa ìlà ní láti mú ọ̀kan, kó pa ìyókù tì. Bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń tà kò fìgbà kan pàdé pọ̀ fohùn ṣọ̀kan lórí iye kan: ẹnì kan á ti tà kó tó débẹ̀, ẹlòmíì á dúró kó kọjá díẹ̀.

Bí mo ṣe ń ya àpótí náà rèé. Etí òkè máa ń wà níbi tí ìrù àwọn àbẹ́là ga dé, etí ìsàlẹ̀ sì máa ń wà níbi tí ara wọn pọ̀ sí, ìyẹn ibi tí iye owó parí ọjọ́ sí. Fún wúrà, ó bọ́ sí àárín 2,050 sí 2,080. Ìrù kan ṣoṣo tó dá yọ lọ sókè, n kì í kà á kún. Bí àpótí bá fẹ̀ ju bí iye owó ṣe máa ń rìn lọ́jọ́ kan tàbí méjì lọ (ATR á fi hàn yín), kò wúlò mọ́, torí pé ibi gbogbo ti di ìdènà nìyẹn.

Ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá 2023 ló fi ìyàtọ̀ irinṣẹ́ méjèèjì hàn. Wúrà fò kọjá 2,130, gbogbo ìlà já. Kó tó di pé ọjọ́ náà parí, ó ti padà sí nǹkan bíi 2,030, abẹ́ àpótí pátápátá. Ẹni tó rà nígbà tí ìlà já wà nínú àdánù kí ilẹ̀ tó ṣú. Àpótí ní òfin tirẹ̀: àfi kí àbẹ́là ọjọ́ kan parí sókè etí òkè. Oṣù Kẹta 2024 ni èyí tó ṣẹlẹ̀, wúrà sì ń gòkè lọ láìwẹ̀yìn. Ẹni tó dúró kó padà wá kan àpótí náà kó tó rà, ọwọ́ rẹ̀ ló ṣófo. Ìpadàwá yìí kì í ṣe dandan.

Níbi tó bá ti padà wá, ìdènà tó já ló ń di àtìlẹ́yìn. Ìdí rẹ̀ kò le. Àwọn tó tà nínú àpótí ti ń pàdánù; bí iye owó bá sún mọ́ ibi tí wọ́n ti tà, wọ́n á fẹ́ rà padà kí wọ́n lè jáde láìgbọgbẹ́. Àwọn tí ọjà fò kọjá lórí ń retí ààyè láti wọlé. Olùrà ni ìpín méjèèjì.

Bitcoin (BTCUSD) ni ẹ ti máa rí i. Ní 2024, láti oṣù Kẹta títí dé òpin oṣù Kẹwàá, ó kọsẹ̀ léraléra láàárín 70,000 sí 73,800 dọ́là. Ó já a ní oṣù Kọkànlá, ó sì kọjá 100,000 ní oṣù Kejìlá. Nígbà tó ṣubú ní oṣù Kẹrin 2025, nǹkan bíi 74,500 ló ti yí padà. Ẹ wò ó dáadáa: kò tilẹ̀ fọwọ́ kan etí òkè àpótí. Ẹni tó gbé ọ́dà ìrà sórí 73,800 géérégé kò rí nǹkan kan rà. Nítorí náà mo máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rà díẹ̀díẹ̀ kí iye owó tó wọnú àpótí. Abẹ́ etí ìsàlẹ̀ ni mo ń fi ibi ìjáde sí. Bí àbẹ́là ọjọ́ kan bá parí níbẹ̀, àtìlẹ́yìn náà ti kú.

Ní ti irinṣẹ́ fúnra rẹ̀, ẹ fi Extend right sí i kí àpótí lè máa tẹ̀lé ọjà, kí ẹ sì lo Visibility láti fi àpótí kéékèèké pamọ́ lórí ṣáàtì ọ̀sẹ̀. Magnet Mode wúlò fún etí òkè, torí ó ń lẹ̀ mọ́ orí àbẹ́là. Fún etí ìsàlẹ̀, mo máa ń pa á, ojú ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Rectangle kò ní sọ fún yín pé ìdènà ti di àtìlẹ́yìn. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń yí àwọ̀ rẹ̀ láti pupa sí ewé, lẹ́yìn tí àbẹ́là bá ti parí lókè nìkan.