Kíríátíìnì Mẹ́rin Lórí Káńtà: Èwo Ló Ń Dé Inú Iṣan?

Ẹni tó bá fẹ́ ra kíríátíìnì, ìyẹn ìyẹ̀fun tí àwọn tó ń gbé irin máa ń lò fún agbára iṣan, fún ìgbà àkọ́kọ́ á bá orúkọ mẹ́rin pàdé lára ike: mọnoháídíréètì, haidirokiloráìdì (tí wọ́n máa ń kọ ní HCl), ẹ́tíìlì ẹ́sítà, àti bọ́fáàdì. Kíríátíìnì kan náà ni gbogbo wọn ń gbé lọ fún iṣan. Ohun tí wọ́n so mọ́ ọn ló yàtọ̀. Omi ló so mọ́ mọnoháídíréètì, ásíìdì ló so mọ́ HCl, ọtí ẹ́tánọ́ọ̀lì ni wọ́n fi ṣe ẹ́sítà. Bọ́fáàdì ní tirẹ̀, mọnoháídíréètì ni, tí wọ́n po èròjà tó ń pa ásíìdì mọ́.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo máa ń bi ike kọ̀ọ̀kan: ta ló ti wo inú iṣan, tó sì rí i pé kíríátíìnì rẹ pọ̀ sí i níbẹ̀?

Mọnoháídíréètì ti dáhùn láti 1992. Lọ́dún yẹn, àwọn olùwádìí Hárísì, Sódálúńdì àti Họ́ltímàn fún àwọn èèyàn ní gíráàmù 5 lẹ́ẹ̀mẹ́rin tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́fà lójúmọ́, wọ́n fi abẹ́rẹ́ bu ẹran díẹ̀ láti itan wọn ṣáájú àti lẹ́yìn, wọ́n sì wọn kíríátíìnì tó wà nínú rẹ̀. Ó lé sí i. Ní 1996, Họ́ltímàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún fi hàn pé gíráàmù 20 lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́fà ń fi nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 kún èyí tó wà nínú iṣan, àti pé ẹni tó bá ń lo gíráàmù 3 péré lójúmọ́ á dé ibẹ̀ náà láàárín ọjọ́ 28. Láti ìgbà náà, ìyẹ̀fun yìí ni ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìwádìí ti lò. Ohun tó fà á kò ṣòro láti rí. Òun ló kọ́kọ́ dé, kì í tètè bàjẹ́ bó bá wà ní gbígbẹ, kò sì sí ilé iṣẹ́ kan tó ni ín. Olùwádìí tó bá fẹ́ mọ ohun tí kíríátíìnì ń ṣe fún arúgbó tàbí fún ẹni tó ń gbé irin gbọ́dọ̀ lo irú tí àbájáde rẹ̀ ṣeé gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtẹ̀yìnwá. Bí àwọn àbájáde ṣe ń gun orí ara wọn nìyẹn, tí àwọn tó dé lẹ́yìn kò fi lè bá a mọ́.

Ẹ́tíìlì ẹ́sítà: èyí tí mi ò ní gbà yín níyànjú rárá

Èrò tó wà lẹ́yìn ẹ́sítà dára létí. Wọ́n ní yóò gba ara awọ sẹ́ẹ̀lì wọlé láìsí ìdènà. Àmọ́ ibi tí wọ́n so ẹ́tánọ́ọ̀lì mọ́ gan-an ni kíríátíìnì fi ń dúró ṣinṣin. Bí wọ́n ṣe dí ibẹ̀, kíákíá ló ń ká bọ ara rẹ̀, tó sì ń di kíríátínínì, ìyẹn ìdọ̀tí tí kíndìnrín ń dà sínú ìtọ̀, tí iṣan kò lè lò fún ohunkóhun. Nínú omi tó gbóná tó ara èèyàn, tí kò kan tí kò sì korò, nǹkan bí ìṣẹ́jú kan ni ìdajì rẹ̀ fi ń lọ. 2009 ni wọ́n fi èyí hàn nínú ilé àyẹ̀wò. Lọ́dún yẹn kan náà, wọ́n pín ọkùnrin 30 tí kò mọ gbígbé irin sí ọ̀nà mẹ́ta: àwọn kan lo ẹ́sítà, àwọn kan lo mọnoháídíréètì, àwọn yòókù lo ìyẹ̀fun lásán. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méje ìdárayá, ẹ́sítà kò fún ẹnikẹ́ni lágbára ju àwọn yòókù lọ. Kíríátínínì inú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó lo ẹ́sítà ló gòkè.

Ìgòkè yẹn lè dá wàhálà mìíràn sílẹ̀. Kíríátínínì ni dókítà ń wò láti mọ̀ bóyá kíndìnrín ń ṣiṣẹ́. Ní 2011, àwọn dókítà ní Nẹ́tálándì ròyìn ẹnì kan tí àyẹ̀wò rẹ̀ dà bí ti ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń bàjẹ́, ẹ́sítà tó ń lò ló sì fà á. Irú kíríátíìnì yòówù tí ẹ bá ń lò, ẹ sọ fún dókítà kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ yín. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti ní àrùn tẹ́lẹ̀ kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láìbéèrè.

Bọ́fáàdì

Ohun tí wọ́n fi ń tà á ni pé ásíìdì inú ikùn ń ba mọnoháídíréètì jẹ́. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú ásíìdì tó le bíi ti ikùn, díẹ̀díẹ̀ ni kíríátíìnì ń yí padà, oúnjẹ kì í sì í pẹ́ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni inú ike omi tí ẹ pò ó sí tí ẹ sì gbàgbé fún ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin. Nítorí náà, ẹ pò ó, kí ẹ sì mu ún lójú ẹsẹ̀.

Ní 2012, wọ́n fi bọ́fáàdì wé mọnoháídíréètì lára èèyàn 36 tó ti mọ gbígbé irin, fún ọjọ́ 28. Àwọn kan lo gíráàmù 1.5 tí olùtajà ní ó tó, àwọn kan lo bọ́fáàdì níwọ̀n kan náà tí àwọn tó ń lo mọnoháídíréètì ń lò. Ó kéré ni o, ó pọ̀ ni o, bọ́fáàdì kò ju mọnoháídíréètì lọ nínú iṣan tàbí nínú agbára.

HCl

Èyí kì í ṣe ayédèrú. Òótọ́ ni pé ó ń yòrò nínú omi ju mọnoháídíréètì lọ fíìfíì, ẹni tí kò fẹ́ kí nǹkan ṣe é bí iyanrìn lẹ́nu á fẹ́ràn rẹ̀. Ibi tí mo ti ń bá wọn jà ni pé wọ́n ní, nítorí ó ń yòrò, kékeré rẹ̀ ti tó. Ìfun ń gba mọnoháídíréètì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán láìkù, bí kò tilẹ̀ yòrò dáadáa nínú ife. Kò sí ohun púpọ̀ tó ṣẹ́ kù tí HCl lè fi jù ú lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Nínú gíráàmù 5 mọnoháídíréètì, ìdá 88 nínú 100 ni kíríátíìnì, ìyẹn gíráàmù 4.4. Nínú mílígíráàmù 750 HCl, tó wà lára ọ̀pọ̀ ike gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n ọjọ́ kan, ìdá 78 ni, kò ju gíráàmù 0.6 lọ. Ara ẹni tó wúwo tó kílò 70 ń sọ nǹkan bíi gíráàmù 2 nù lójúmọ́. Gíráàmù 0.6 kò tilẹ̀ tó fi dí ihò yẹn, ká má tíì sọ pé kó kún iṣan. Bí ẹ bá lo HCl níwọ̀n tó bá gíráàmù 5 mọnoháídíréètì mu, mo gbà pé yóò ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ìwádìí tó wà lórí rẹ̀ kò pọ̀, àwọn tó sì fi méjèèjì wéra kò fi hàn pé ó sàn jù.

Bí ikùn yín bá ń dà rú pẹ̀lú mọnoháídíréètì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé gíráàmù 10 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lẹ ń gbé mì. Ẹ pín in, tàbí kí ẹ fi gíráàmù 20 lójúmọ́ tí àwọn kan fi ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sílẹ̀, kí ẹ máa lo 3 sí 5 lójúmọ́. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ á jẹ́ kó yòrò dáadáa. Bí ìwọ̀n ara yín bá fi nǹkan bíi kílò kan lé láàárín ọ̀sẹ̀ kan, omi tí kíríátíìnì fà wọ inú iṣan ni, kì í ṣe ọ̀rá.

Níbi káńtà, ẹ wá ike tí mọnoháídíréètì nìkan wà nínú rẹ̀, tí àmì àyẹ̀wò ilé iṣẹ́ mìíràn tó yàtọ̀ sí olùtajà sì wà lára rẹ̀. Ẹ má fi iye ṣíbí díye lé e. Ike mọnoháídíréètì gíráàmù 300, ní gíráàmù 5 lójúmọ́, ọjọ́ 60 ni, kíríátíìnì inú rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 264. Ike HCl tó ní ìwọ̀n 60 ti mílígíráàmù 750, ọjọ́ 60 kan náà ni wọ́n kọ sára rẹ̀, ṣùgbọ́n gíráàmù 35 péré ni kíríátíìnì inú rẹ̀. Ẹ fi nọ́ńbà wọ̀nyẹn pín owó ike kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó sanwó.