Lúùpù oníbàbà: inú tó ń rún mi àti ẹ̀jẹ̀ tó ń kán lẹ́yìn tí wọ́n fi í sí mi

Ẹ̀yin tó ń bi mí bóyá lúùpù, ohun tí wọ́n ń fi sínú ilé-ọmọ kí obìnrin má baà lóyún, dára, ó dára, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ rẹ̀ ò rọrùn. Ti oṣù mẹ́ta yẹn ni mo fẹ́ sọ. Òun ló ń lé ọ̀pọ̀ obìnrin padà lọ yọ lúùpù tí kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Òun náà ló sì ń jẹ́ kí àwọn mìíràn, tó yẹ kí wọ́n ti sáré lọ sílé ìwòsàn, máa mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí nílé.

Oníbàbà ni tèmi, èyí tó rí bíi lẹ́tà T, tí wọ́n ń pè ní Kọ́pà T 380A. Kò ní hómóònù kankan nínú. Bàbà tí wọ́n yí mọ́ ọn lára ni kì í jẹ́ kí àtọ̀ ọkùnrin lè ṣe ohun tó fẹ́ ṣe. Ọdún 10 ni wọ́n kọ sí káàdì mi pé kí n fi lò ó. Láti ọdún 2011 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní kí ohun èlò ìfètòsọ́mọbíbí jẹ́ ọ̀fẹ́ nílé ìwòsàn ìjọba, nítorí náà owó ìbọ̀wọ́, òwú àti káàdì nìkan ni mo san.

Nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ tí mo rí nǹkan oṣù mi kẹ́yìn, ó sì ṣe àyẹ̀wò oyún. Ó fi ọwọ́ wò mí láti mọ ibi tí ilé-ọmọ mi dojú kọ, kó tó nu ẹnu ilé-ọmọ náà pẹ̀lú oògùn apakòkòrò. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan wọn bí inú ilé-ọmọ ṣe jìn tó. Ibi wíwọ̀n yìí ló dùn mí jù lọ. Inú mi so, òógùn bò mí, ojú mi sì ń ṣú díẹ̀díẹ̀. "Ẹ mí kanlẹ̀, màmá, ẹ má le ara," ló ń sọ fún mi. Sẹ̀ǹtímítà 7.5 ló bá níbẹ̀, ó ní ó dáa, pé tí kò bá tó 6, lúùpù náà kì í fẹ́ dúró. Fífi lúùpù fúnra rẹ̀ sí i ò pẹ́ rárá. Ó gé okùn rẹ̀ kó ṣẹ́kù bíi sẹ̀ǹtímítà 3, ó fún mi ní èyí tó gé kí n fọwọ́ kàn án. Ó rí bí okùn ìwọ̀ tí àwọn apẹja ń lò, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì le díẹ̀. "Ohun tí ẹ máa máa wá pẹ̀lú ìka yín nìyẹn," ló wí. N ò kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ yẹn sí bàbàrà, àmọ́ nínú gbogbo ohun tó sọ lọ́jọ́ yẹn, òun ló wúlò jù.

Inú mi ń rún ní gbogbo ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Àlàyé nọ́ọ̀sì ni pé ilé-ọmọ kì í mọ̀ pé àlejò rere ló wọlé, ṣe ló máa ń fún ara rẹ̀ pọ̀ bí ẹni tó fẹ́ ti nǹkan náà jáde, ohun kan náà tó ń ṣe nígbà nǹkan oṣù. Ìdí nìyẹn tí ìrora náà fi jọ ti nǹkan oṣù, tó ń gba abẹ́ ìdodo lọ sí ẹ̀yìn ìbàdí. Àìbuprófẹ́ẹ̀nì mílígíráàmù 400 ni mo ń lò lẹ́yìn oúnjẹ, ìrora náà sì ń gbọ́ oògùn. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú kò gbọdọ̀ lò ó, kó lo parasitamọ́ọ̀lù. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ lo asipirín, torí ó máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí i.

Ohun tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ ni pé ìrora náà ń relẹ̀. Tòní fúyẹ́ ju tàná lọ. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti dà bí ohun tí mo máa ń rántí tí mo bá gbé garawa omi nìkan.

Ẹ̀jẹ̀ ní tirẹ̀ ò tètè lọ. Ó máa ń kán díẹ̀díẹ̀ láàárín oṣù, nígbà mìíràn ó pupa, nígbà mìíràn ó dúdú bíi ti ìparí nǹkan oṣù, páàdì tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì tó fún un látàárọ̀ dalẹ́. Nǹkan oṣù gan-an wá pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì pẹ́ sí i. Bàbà ló ń fa èyí, torí ó máa ń mú ara inú ilé-ọmọ ta kìjí. Oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà ni wọ́n ní kí n fún un. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wá ń kún páàdì ńlá kan láàárín wákàtí kan, tó sì ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ̀ lé ara wọn, tàbí tí òòyì ń kọ́ obìnrin nígbà tó bá dìde, kíkán kọ́ nìyẹn mọ́. Kó lọ sílé ìwòsàn.

Ti àkóràn ni nọ́ọ̀sì lò pẹ́ lé lórí jù. Ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ léwu ju gbogbo ìyókù lọ. Kì í ṣe lúùpù ló ń bí àìsàn. Bí kòkòrò àtọ̀sí tàbí ti kilamídíà bá ti wà lẹ́nu ilé-ọmọ obìnrin tẹ́lẹ̀ láìjẹ́ pé ó mọ̀, ọ̀pá àti lúùpù lè gbé e gun òkè sínú ilé-ọmọ. Ìdí nìyẹn tó fi béèrè lọ́wọ́ mi, láìfi bọpobọyọ̀, bóyá ọkọ mi ní ẹlòmíràn níta. Inú mi ò dùn sí ìbéèrè náà nígbà yẹn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìí, ewu náà máa ń lọ sílẹ̀ gan-an.

Ìrora ti àkóràn kì í relẹ̀, ṣe ló máa ń le sí i lójoojúmọ́. Kì í dúró de nǹkan oṣù, kì í sì í gbọ́ oògùn ìrora dáadáa. Ibà á bá a rìn, tí tẹmómítà á kà tó 38 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ara á máa gbọ̀n, èébì lè gbé obìnrin. Omi tó ń jáde lójú ara á yí àwọ̀ padà sí pupa rúsúrúsú tàbí àwọ̀ ewé, á sì máa rùn. Bí ọkọ bá súnmọ́ ọn, á dùn ún nínú lọ́hùn-ún. Kò dìgbà tí gbogbo wọn bá pé. Ìrora tó ń le sí i pẹ̀lú ibà tàbí òórùn ti tó. Ẹ má ra àpòpọ̀ oògùn ní kẹ́míìsì o. Ó lè bomi pa ibà náà lójú, kí àìsàn sì máa ba ọ̀nà tí ẹyin ń gbà jẹ́ nínú. Dókítà á fún obìnrin náà ní oògùn apakòkòrò tó péye, á sì ní kí ọkọ náà gba ìtọ́jú. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé wọn kì í sáré yọ lúùpù. Bí ara bá ń yá láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ó lè máa wà níbẹ̀. Bí kò bá yá ni wọ́n ń yọ ọ́.

Lúùpù tó yẹ̀ kúrò lójú ibi tó wà, ara àbúrò mi ni mo ti rí i. Ilé ìwòsàn mìíràn ló ti ṣe tirẹ̀, n ò ní dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wá okùn. Inú rẹ̀ ti dákẹ́ tán pátápátá. Nígbà tó rí nǹkan oṣù kejì, inú bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í rún un, kíkankíkan, bí ẹni tó fẹ́ rọbí, á mú un, á tún fi í sílẹ̀. Nǹkan oṣù tán, ẹ̀jẹ̀ ò tán. Kò ní ibà, kò sí òórùn. Ó pè mí: "Ẹ̀gbọ́n mi, ọkọ mi ní nǹkan kan ń gún òun."

Mo ní kó fọ ọwọ́, kó lóṣòó, kó ti ìka àárín sínú títí tó máa fi kan ẹnu ilé-ọmọ. Ó yẹ kó bá okùn nìkan níbẹ̀. Ó bá okùn tó gùn ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì bá ohun líle kan tí kì í ṣe ara. Lúùpù fúnra rẹ̀ nìyẹn. Mo kìlọ̀ fún un pé kó má fà á, kó má sì tì í padà, torí kì í padà sípò. Ní sikáànì, wọ́n rí i pé ó ti sọ̀kalẹ̀ sínú ọrùn ilé-ọmọ. Lúùpù tó bá wà níbẹ̀ kò ṣeé gbára lé láti dènà oyún mọ́, ìrora náà sì ni ilé-ọmọ tó ń tì í jáde. Nọ́ọ̀sì yọ ọ́, ó ṣe àyẹ̀wò oyún, kò sí, ó sì fi tuntun sí i lọ́jọ́ náà nítorí pé ó ṣì fẹ́ ẹ. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni irú èyí wọ́pọ̀ jù, pàápàá lásìkò nǹkan oṣù, ìgbà tí ilé-ọmọ ń fún ara rẹ̀ pọ̀. Ẹ máa wo páàdì yín kí ẹ tó jù ú nù.

Bí ẹ ò bá rí okùn rárá, ó lè jẹ́ pé ó ká sókè lásán. Ó sì lè jẹ́ pé lúùpù ti jábọ́ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Ẹ lo kọ́ńdọ̀mù títí wọ́n á fi yẹ̀ yín wò. Bí sikáànì ò bá rí i nínú ilé-ọmọ, wọ́n á ya àwòrán ẹ́sírè ikùn, torí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ó máa ń gún ògiri ilé-ọmọ kọjá. Ìyẹn ò wọ́pọ̀, bí ẹyọ kan tàbí méjì nínú ẹgbẹ̀rún, ó sì máa ń ṣẹlẹ̀ sí ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú ju àwọn yòókù lọ.

Ọ̀kan ṣì wà tí n kì í fi ṣeré. Kí nǹkan oṣù má wá, kí ẹ̀gbẹ́ inú kan máa dunni gidigidi, kí òòyì máa kọ́ni tàbí kí èjìká máa dunni. Ó lè jẹ́ oyún tó fìdí kalẹ̀ sẹ́yìn òde ilé-ọmọ. Lúùpù kì í sábà jẹ́ kí oyún wáyé, ṣùgbọ́n èyí tó bá yọ́ gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá léwu. Kì í ṣe ohun tí à ń sùn lé di ọ̀la.

Nǹkan oṣù tó pọ̀ ni mo fi yọ nínú máàkì tí mo fún lúùpù yìí. Ẹni tó bá ti ń ní ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ tẹ́lẹ̀, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò pọ̀ lára, kó béèrè èyí tó ní hómóònù. Ẹ̀jẹ̀ á kán ṣégeṣège fún oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà lórí ìyẹn náà, ṣùgbọ́n nǹkan oṣù sábà máa ń dínkù lẹ́yìn rẹ̀. Tí ẹ bá ti ń ṣètò, ẹ bi nọ́ọ̀sì kí ẹ tó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì pé báwo ni okùn tó fi sílẹ̀ ṣe gùn tó, kó kọ ọ́ sí káàdì yín, kí ẹ sì gba déètì tí ẹ ó padà wá lẹ́yìn nǹkan oṣù àkọ́kọ́. Ibi tí wọ́n bá ti kọ̀ láti dáhùn, ẹ lọ ṣe é níbòmíràn.