Àbàwọ́n Funfun Ara: Ṣáḿpù Ni Tàbí Oògùn Oníhóró?

Bí àbàwọ́n funfun tí kòkòrò àìfojúrí kan ń fà sára bá wà láyà àti ẹ̀yìn nìkan, ṣáḿpù kẹtokonasọ́ọ̀lù, tó ń pa kòkòrò náà, ni mo máa kọ́kọ́ mú. Ẹ fi pa ara láti ọrùn dé ìbàdí, títí kan ibi tí kò tíì yọ, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5 kí ẹ tó ṣàn án. Ojoojúmọ́ ni, fún ọjọ́ 5. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń yára ṣàn án dànù, wọ́n á ní kò ṣiṣẹ́.

Fulukonasọ́ọ̀lù oníhóró rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: 300 mílígíráàmù lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 2. Ṣùgbọ́n dókítà ni kó kọ ọ́, torí ó lè bá oògùn mìíràn jà, kò sì yẹ aláboyún. Ẹni tí àbàwọ́n ti bo gbogbo ara rẹ̀ ni mo fi í sílẹ̀ fún. Kẹtokonasọ́ọ̀lù oníhóró ńkọ́? Ẹ má gbé e mì rárá; ó lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.

Èyíkéyìí tí ẹ bá lò, funfun náà ò ní lọ kíákíá. Irú ìwúkàrà kan tó ń gbé lára gbogbo wa ni kòkòrò tó fà á. Ó ń tú ásíìdì tó ń dí ara lọ́wọ́ láti ṣe àwọ̀. Lẹ́yìn tó bá kú, àwọ̀ ṣì lè gba oṣù mélòó kan kó tó padà. Ẹ fi èékánná ha ojú àbàwọ́n náà díẹ̀: bí ẹ̀ẹ́pá lẹ́búlẹ́bú bá ṣì ń bọ́, ó ṣeé ṣe kó ṣì wà láàyè.