Èwo nínú ẹ̀yáwó méjì ló sàn fún ẹni tó fẹ́ tètè san án tán?

Àlàájà kan tó ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba, níbí ní Ìlọrin, kó ọ́fà lẹ́tà méjì láti ọ̀dọ̀ ayánilówó méjì wá bá mi. ₦600,000 ló fẹ́ yá fún oṣù 12. Ó ti mọ̀ pé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, àjọ òun á bọ́ sí òun lọ́wọ́, òun á sì fi san gbogbo gbèsè náà lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ti àkọ́kọ́ ní àwọn kì í gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tó bá tètè san. Àwọn ti èkejì ní àwọn á gba 2%. Ó ti fẹ́ fọwọ́ sí ti àkọ́kọ́. Mo ní, "Ẹ dúró ná, Àlàájà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe ń ṣírò èlé wọn."

Níbi àkọ́kọ́, èlé wọn jẹ́ 2.5% lóṣù, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ báńkì ń pè ní fúláàtì. Orí ₦600,000 tí wọ́n kọ́kọ́ yá a ni wọ́n ń ṣírò rẹ̀ lé, ₦15,000 lóṣooṣù, títí gbèsè fi máa tán. Kódà ní oṣù kejìlá, tó jẹ́ pé ₦50,000 péré ló kù nínú ojú owó, ₦15,000 náà ni èlé. Níbi èkejì, 4% lóṣù ni, ṣùgbọ́n orí ohun tó bá kù ni wọ́n ń ṣírò rẹ̀ lé. Oṣù àkọ́kọ́, èlé jẹ́ ₦24,000. Tó bá fi di oṣù kejìlá, kò tó ₦2,500 mọ́. Ìdí nìyí tí 4% yẹn fi dà bí ẹni pé ó ga létí, tí owó tí yóò máa san lóṣooṣù sì kéré díẹ̀ sí ti fúláàtì.

Ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tó bá san oṣù mẹ́fà, tó sì fẹ́ parí rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an:

| | Fúláàtì 2.5% | Èlé tó ń sọ̀kalẹ̀ 4% |
|---|---|---|
| Owó oṣooṣù | ₦65,000 | ₦63,931 |
| Ohun tó ti san ní oṣù 6 | ₦390,000 | ₦383,586 |
| Gbèsè tó kù | ₦390,000 | ₦335,137 |
| Owó ìtanràn | kò sí | ₦6,703 |
| Ohun tó máa fi parí rẹ̀ | ₦390,000 | ₦341,840 |

Ibi tí wọ́n ti ní àwọn kì í gba ìtanràn ló ti máa ná an ní owó tó lé ní ₦54,000 ju ibi èkejì lọ, tí a bá ro gbogbo ohun tó san pọ̀. Wọn ò pè é ní ìtanràn ni. Èlé oṣù mẹ́fà tí owó wọn ò ní sí lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n máa gbà, ₦90,000 gbáko.

Àmọ́ ẹ má sá fún gbogbo fúláàtì. Àwọn kan máa ń yọ èlé àwọn oṣù tí kò tíì pé kúrò fún ẹni tó bá tètè san. Tí àwọn ti àkọ́kọ́ bá yọ ₦90,000 yẹn, ₦300,000 ni Àlàájà máa fi parí gbèsè rẹ̀, yóò sì dára ju ti èkejì lọ dáadáa. Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ kẹ́ ẹ bi wọ́n ni: "Tí mo bá san án tán ní oṣù kẹfà, ṣé ẹ máa yọ èlé oṣù mẹ́fà tó kù?" Tí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ọ́fà lẹ́tà. Ọ̀rọ̀ ẹnu òṣìṣẹ́ kò tó, torí wọ́n lè ti gbé òṣìṣẹ́ náà lọ sí Ọ̀fà kí oṣù kẹfà tó pé.

Ibi tí wọ́n bá sì ti ń gba ìtanràn, ẹ bi wọ́n pé orí kí ni wọ́n ń ṣírò 2% náà lé. Tó bá jẹ́ orí gbèsè tó kù, ₦6,703 ni. Tó bá jẹ́ orí ₦600,000 tí wọ́n kọ́kọ́ yá a, ó di ₦12,000.

Ẹni tó bá ń ra ọjà lọ́wọ́ báńkì tí kì í gba èlé, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ní Ìlọrin fẹ́ràn nítorí ẹ̀sìn, iye tí wọ́n tà á fún un ti dúró láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ̀dínwó nítorí pé ó tètè san wà lọ́wọ́ ẹni tó tà á. Wọn kì í sábà kọ ọ́ sínú àdéhùn.

Ó ku bí èèyàn ṣe ń béèrè iye gan-an tó máa parí gbèsè. Ibẹ̀ ni èmi fúnra mi ti ṣìṣe. Mo wo áàpù orí fóònù mi, mo rí ₦118,400, mo san án, ọkàn mi balẹ̀. Ojú owó tó kù lọ́jọ́ tí wọ́n yọ owó kẹ́yìn ni áàpù ń fi hàn. Èlé ọjọ́ 11 tó tẹ̀lé e, ₦1,737, kò sí níbẹ̀. Owó kékeré yẹn wà nílẹ̀, owó ìjáfara ń gorí rẹ̀, ìwé ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè sì ń sọ pé mo ṣì jẹ gbèsè.

Ojoojúmọ́ ni èlé ń rìn. Fún Àlàájà, 4% orí ₦335,137, tí a pín sí ọjọ́ 30, jẹ́ nǹkan bí ₦447 lójúmọ́. Tí àjọ bá pẹ́ ọjọ́ mẹ́wàá kó tó bọ́ sí i lọ́wọ́, kì í ṣe ₦341,840 ló máa san mọ́, ₦346,309 ni. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ mú ọjọ́ tẹ́ ẹ máa san, kẹ́ ẹ tó kọ lẹ́tà sí báńkì, bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Ohun tí mo bá Àlàájà kọ nìyí:

"Mo fẹ́ san gbèsè mi tán ní ọjọ́ báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sí mi nípa iye tó máa parí rẹ̀ lọ́jọ́ náà: ojú owó, èlé títí di ọjọ́ náà, owó ìtanràn àti ohun tẹ́ ẹ ṣírò rẹ̀ lé, àti owó mìíràn tó bá wà. Ẹ sọ èlé ọjọ́ kan, ọjọ́ tí iye yìí kò ní wúlò mọ́, àti àkáǹtì tí màá san án sí."

Ẹ fi nọ́ńbà ẹ̀yáwó náà sí i, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín. Tí ìdáhùn wọn bá jẹ́ iye kan ṣoṣo láìtú u palẹ̀, ẹ dá a padà. Ẹ ò lè mọ̀ bóyá èlé oṣù tí kò tíì pé wà nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń san án, ẹ kọ ọ́ pé láti parí gbèsè ni. Mo mọ ẹni tó da owó sínú àkáǹtì ara rẹ̀ láìsọ nǹkan kan. Báńkì kàn ń yọ ti oṣooṣù lọ ni, èlé ò dúró. Lẹ́yìn náà, ẹ gba lẹ́tà tó jẹ́rìí pé ẹ ò jẹ gbèsè mọ́, ẹ gba àwọn ṣẹ́ẹ̀kì tàbí ìwé ilẹ̀ tẹ́ ẹ fi dúró, kẹ́ ẹ sì rí i pé wọ́n fagi lé àṣẹ tẹ́ ẹ fún wọn láti máa yọ owó. Láti 2020 ni ètò GSI ti Báńkì Àpapọ̀ ti jẹ́ kí ayánilówó lè yọ gbèsè tó pẹ́ nílẹ̀ láti inú àkáǹtì mìíràn tó wà lórí BVN yín, nítorí náà ₦1,737 tẹ́ ẹ gbàgbé lè fa wàhálà ní báńkì mìíràn.

Tí wọn ò bá fún yín ní iye náà, tàbí tí wọ́n gba ju ohun tí wọ́n kọ lọ, ẹ fi ẹ̀sùn kan báńkì fúnra rẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Tí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí wọn ò yanjú rẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Báńkì Àpapọ̀, pẹ̀lú ẹ̀dà lẹ́tà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí.

Àlàájà padà síbi àkọ́kọ́, ó bi wọ́n nípa èlé oṣù mẹ́fà. Wọ́n ní àwọn kì í yọ ọ́. Ibi èkejì ló gbà, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ sí i títí wọ́n fi tẹ "orí gbèsè tó kù" sí ẹ̀gbẹ́ 2% náà.